Ẹsẹ̀ Tó Ń Gun Àtẹ̀gùn

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko tí ìbéèrè kan fi ń dà mí láàmú. Ìtàn kékeré kan ni mo ń kọ, nípa ọ̀rẹ́ méjì tó jọ ń gbé nínú ìlú ńlá kan. Dúnní ni èkínní, Yéwándé ni èkejì. Dúnní ń mọ̀ díẹ̀díẹ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, pé obìnrin ni ọkàn òun ń fà sí. Mo ti kọ ọ́ tán, ó sì gún régé lójú mi. Mo wá kà á fún ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ máa ń ka iṣẹ́ ara wa. Ó gbọ́ ọ títí dé ìparí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Ìgbà wo gan-an ló mọ̀?"

Mo dá a lóhùn kíá. Mo ní ìgbà tó dúró níwájú dígí tó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Obìnrin ni mo fẹ́."

Ọ̀rẹ́ mi mi orí. "Rárá o. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́. Mo ní ìgbà wo ló mọ̀?"

Ìbéèrè náà bá mi délé, ó bá mi wọ bọ́ọ̀sì, ó bá mi jí lóru. Mo mọ ibi tí Dúnní ti sọ ọ̀rọ̀ náà, mo mọ aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Àmọ́ mi ò mọ ìgbà tó mọ̀, èmi tí mo dá a sílẹ̀ fúnra mi.

Ọ̀rọ̀ tó tètè jáde

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ka ìran iwájú dígí yẹn sókè. Ó dùn létí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn. Gbólóhùn tó pé, tó ní orí tó ní ìdí, ni Dúnní sọ, bí ẹni tó ń jẹ́jọ́ níwájú adájọ́. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, mo rí i pé èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí pé òǹkàwé lè ka ìtàn náà tán kó ní ọ̀rẹ́ lásán ni wọ́n, ni mo bá gba ẹnu Dúnní sọ̀rọ̀ kí nǹkan kan má bàa fara sin.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí Dúnní bá ti lè sọ pé "Obìnrin ni mo fẹ́" ní ojú ewé kẹta, àbájáde nìkan ló kù nínú ìtàn náà: yóò sọ fún Yéwándé tàbí kò ní sọ, yóò kó jáde tàbí yóò dúró. Èèyàn lè kọ ìtàn tó dára nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kọ wà ṣáájú ọ̀rọ̀, ní àsìkò tí ara ti ń ṣe nǹkan tí ẹnu kò tíì ní orúkọ fún. Ẹni tó ti mọ̀ ní ojú ewé kẹta kò lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ̀ ní ìkẹwàá.

Ọ̀rọ̀ "fẹ́" fúnra rẹ̀ tún wúwo jù. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ẹnì kan ti pinnu. Fífẹ́ ń wo iwájú, ó ń wo ìgbéyàwó, ó ń wo ilé. Dúnní ò tíì dé ibẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ tó bá ipò rẹ̀ mu ni "wù". Nígbà tí a bá ní "Ó wù mí", èmi kọ́ ni mo ṣe nǹkan kan. Ohun tó wà níta ló ṣe mí. Bí ebi ṣe ń pani, bí oorun ṣe ń kunni, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe ń wuni. Ẹni tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí máa ń wà ní ìparí gbólóhùn, á kàn máa gbà á ni. Mo wá gbogbo "fẹ́" tí mo fi sẹ́nu Dúnní, mo yọ ọ́, mo sì rí i pé ara ìtàn náà fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tí obìnrin méjì kan ti sọ fún mi, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọdún sì wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Wọ́n fọkàn tán mi tó láti sọ bó ṣe rí fún wọn. Kò sí èyí tó ní òun jókòó rò ó. Ọ̀kan nínú wọn ní ṣe ló dà bí ẹ̀rọ tó ti ń kùn nínú ilé láti àárọ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tó dákẹ́ lèèyàn tó mọ̀ pé ó ti ń kùn. Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì mi. Ohun tí mo ní láti wá nínú ìtàn náà ni ìgbà tí ẹ̀rọ dákẹ́.

Àtẹ̀gùn 14

Bí ìran tuntun náà ṣe lọ rèé.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni Dúnní àti Yéwándé ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni Yéwándé, àsìkò tó ń wọlé kì í sì í ṣe ọ̀kan náà: ó lè jẹ́ àárọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀gànjọ́. Ilé ni Dúnní ti ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Wọ́n máa ń fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nípàdé ránṣẹ́ sí i, á fetí sí i, á tẹ gbogbo ohun tí wọ́n sọ jáde lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbígbọ́ niṣẹ́ rẹ̀. Láti inú ohùn lásán, ó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó dákẹ́ nítorí pé ó ń ronú àti ẹni tó dákẹ́ nítorí pé inú ń bí i.

Àtẹ̀gùn 14 ló wà láti ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn. Dúnní ò jókòó kà á rí. Ó kàn mọ̀ ọ́n ni, nítorí pé Yéwándé máa ń sinmi díẹ̀ lórí ìkẹsàn-án, á gbé àpò rẹ̀ láti èjìká kan sí èkejì, kó tó gun márùn-ún tó kù. Bó bá ti dúró níbẹ̀ yẹn, Dúnní á ti yọ ẹ̀rọ etí, á ti dìde, á ti yí kọ́kọ́rọ́. Ó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kò kíyè sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí mò ń sọ yìí, ẹnì kan wọlé nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ náà gun òkè. Ó dúró lórí ìkẹsàn-án. Dúnní yọ ẹ̀rọ etí, ó dìde, ó fọwọ́ gbá irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ṣílẹ̀kùn kí ẹni náà tó dé iwájú rẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà tó ń gbé ní àjà òkè ni. Ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró mí ni. Ìyá náà wo ilẹ̀kùn tó ṣí gbayawu, ó wo ojú Dúnní, ó ní, "Ta lò ń retí, ọmọ mi?"

"Kò sẹ́nì kan, mà. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Ìyá náà kọjá lọ sókè. Dúnní ti ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í. Inú rẹ̀ ti bàjẹ́, ó sì bà jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ nítorí ọ̀rẹ́ tó ṣì máa dé ní wákàtí kan sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà nínú irun rẹ̀ tó ń gbá sẹ́yìn. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ó wá rí i pé òun ń retí Yéwándé.

Ibẹ̀ ni ìran náà parí sí. Dígí ti lọ. Ohun kan ṣoṣo tí Dúnní sọ ni irọ́ kékeré tó pa fún ìyá àjà òkè, irọ́ yẹn gan-an ló sì tú àṣírí. Ẹni tó ń retí ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní ọ̀rẹ́ òun lòun ń retí, kò ní bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Kí Dúnní tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti fi nǹkan pamọ́. Ojú lọ̀rọ̀ sì wà: ìyá yẹn ti ka ohun tó wà lójú rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó kà á.

Mo gbìyànjú ìran míì kí n tó rí èyí. Nínú ọ̀kan, Dúnní ń fa síìpù ẹ̀yìn aṣọ Yéwándé sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójijì. Nínú òmíràn, ọkùnrin kan dẹnu kọ Yéwándé, Dúnní bá bẹ̀rẹ̀ sí í jowú. Èmi ò sọ pé irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, ẹlòmíràn ló ń tì í: ara Yéwándé nínú èkínní, ọkùnrin nínú èkejì. Òǹkàwé á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ láti ìlà kejì, Dúnní nìkan ni kò ní mọ̀, á sì wá dà bí òmùgọ̀. Nínú ìran àtẹ̀gùn, Yéwándé ò tiẹ̀ sí nílé. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan Dúnní, kò sẹ́ni tó ń bá a du nǹkan kan. Òun àti ìrètí rẹ̀ nìkan ló kù nínú yàrá.

Láti "ó" dé "òun"

Nígbà tí mo ka ìran náà fún ọ̀rẹ́ mi, ó ní kí n tún ìlà tó kẹ́yìn kà. Mo tún un kà. Ó ní, "Mo ti rí i. 'Òun' yẹn ni."

Mi ò kọ́kọ́ lóye. Ó wá fa ìwé mi sọ́dọ̀, ó ní kí n wo gbólóhùn méjì. "Dúnní ń retí Yéwándé." "Dúnní rí i pé òun ń retí Yéwándé." Ní àkọ́kọ́, asọ̀tàn ló ń sọ fún wa. Ó lè jẹ́ òótọ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko kí Dúnní má mọ̀. Ní èkejì, Dúnní ti mọ̀, ó sì mọ̀ pé ara òun lọ̀rọ̀ wà. Bí a bá kọ ọ́ pé "Dúnní rí i pé ó ń retí Yéwándé", ẹni tó ń gbọ́ á fẹ́ mọ ta ni "ó" yẹn. Ẹlòmíràn ló máa wá sí i lọ́kàn. "Òun" ló ń dá ọ̀rọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń rò ó tàbí tó ń sọ ọ́.

A ń lo ọ̀rọ̀ yìí láti òwúrọ̀ dalẹ́, a kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ èdè ni kò ní irú rẹ̀. Onímọ̀ èdè ará Faransé kan, Claude Hagège, ló fún irú ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tó ń jẹ́ láàárín àwọn onímọ̀ èdè, ní ọdún 1974, nígbà tó ń kọ̀wé lórí àwọn èdè ilẹ̀ Áfíríkà kan tó ní i. Fún èmi tí mò ń kọ ìtàn, ohun tó já sí ni pé mo ti ní èsì fún ìbéèrè ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìgbà wo ni Dúnní mọ̀? Ìgbà tí "òun" kọ́kọ́ fara hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Yéwándé.

Mo bá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Gbogbo ibi tí mo ti kọ ọ́ pé Dúnní mọ̀ pé òun ń ṣe báyìí nípa Yéwándé, tàbí tó rò pé òun fẹ́ràn tọ̀hún nípa rẹ̀, mo pa á rẹ́, mo fi ohun tí Dúnní ṣe rọ́pò rẹ̀. Mo ti kọ tẹ́lẹ̀ pé: "Dúnní mọ̀ pé òun fẹ́ràn bí Yéwándé ṣe ń rẹ́rìn-ín." Ó di: "Yéwándé bú sẹ́rìn-ín. Dúnní tún ìròyìn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀." Òǹkàwé á béèrè nínú ara rẹ̀ pé kí ló dé tó fi tún un sọ. Dúnní ò béèrè.

Mo kọ́kọ́ ṣe àṣejù. Mo yọ gbogbo "òun" pátá láti ojú ewé kìíní títí dé ìran àtẹ̀gùn, Dúnní sì di igi. Ẹni tí kò sí "òun" kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, a kì í gbọ́ ohùn inú rẹ̀ rárá. Ó ń rìn, ó ń jókòó, kò sẹ́ni tó wà nínú ilé. Mo ní láti dá díẹ̀ padà. Dúnní lè mọ̀ pé iṣẹ́ ti ń sú òun, ó lè rò pé òun yóò san owó ilé pẹ́, ó lè bẹ̀rù pé màámi òun ń darúgbó. Nípa ohun gbogbo tó kù láyé, ó mọ ara rẹ̀ dáadáa. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì rí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìmọ̀ tó ní nípa ara rẹ̀ ṣe pọ̀ tó níbi yòókù ló jẹ́ kí àlàfo yẹn hàn.

Ọ̀rẹ́ ńkọ́?

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ọ̀rẹ́ mi tún ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rẹ́ ló ń ṣe é? Èmi náà ti retí ọ̀rẹ́ mi rí débi tí oúnjẹ ò wọlé."

Òtítọ́ ló sọ. Ìfẹ́ láàárín ọ̀rẹ́ lè gbóná gan-an, pàápàá láàárín àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Wọ́n lè máa jowú ara wọn, kí wọ́n máa ṣàárò ara wọn, kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, kó má sì sí ìfẹ́ ara níbẹ̀ rárá. Lisa Diamond, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ló ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó sún mọ́ 100 lẹ́nu wò, tó sì ń padà sọ́dọ̀ wọn fún nǹkan bí ọdún 10. Ohun kan tó tẹnu mọ́ ni pé ìsopọ̀ ọkàn àti ìfẹ́ ara kì í ṣe ohun kan náà, àmọ́ èkínní lè ṣílẹ̀kùn fún èkejì. Àwọn kan kọ́kọ́ fẹ́ràn ọ̀rẹ́ wọn tọkàntọkàn, ìgbà tó yá ni ara wá tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá sọ̀rọ̀ sì yí orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn padà láàárín àwọn ọdún yẹn. Nítorí náà, mi ò lè fi ìrètí nìkan ṣe ẹ̀rí. Ìrètí lè jẹ́ ti ọ̀rẹ́.

Ìṣòro míì tún wà tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Ìtàn mi jẹ́ nípa ẹni tó mọ̀ pé obìnrin ló ń wu òun. Bó bá jẹ́ pé Yéwándé nìkan ló wà nínú rẹ̀, òǹkàwé lè sọ pé Yéwándé ló ṣẹlẹ̀ sí i, bí àrùn ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí èèyàn, yóò kọjá. Dúnní fúnra rẹ̀ lè fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú. Mo nílò obìnrin kejì, ẹni tí kò sí ìtàn kankan láàárín òun àti Dúnní.

Mo fi í sínú bọ́ọ̀sì, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìran àtẹ̀gùn. Obìnrin kan jókòó sí iwájú Dúnní, ó ń ka ìwé. Bó bá fẹ́ ṣí ojú ewé, á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò ra etí ìwé náà, bí ẹni tó ń wò ó bóyá méjì ló lẹ̀ mọ́ra, kó tó ṣí i. Dúnní wò ó títí ó fi kọjá ibi tó yẹ kó ti sọ̀. Kò mọ orúkọ obìnrin náà, kò rí ojú rẹ̀ dáadáa, kò ní í rí i mọ́ láé. Nígbà tó sọ̀ níbùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, tó ń rìn padà sẹ́yìn lẹ́bàá ọ̀nà, ojú rẹ̀ là sí nǹkan kejì: kì í ṣe Yéwándé nìkan.

Níbẹ̀ ni àwọn ọjọ́ àtijọ́ ti wá ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tí Dúnní máa ń da ìwé rẹ̀ kọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìwé Dúnní fúnra rẹ̀ pé. Olùkọ́ kan tí kò lè wò lójú. Dúnní ti mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí èyí tó jẹ́ tuntun. Ó kàn ń tún wọn kà ni, ìtumọ̀ tó sì wà nínú wọn báyìí yàtọ̀. Ìran yìí ṣe pàtàkì fún mi ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí pé obìnrin kejì nínú àwọn tó sọ̀rọ̀ fún mi lo ọ̀rọ̀ kan náà. Ó ní òun ò kọ́ ohun tuntun kankan. Ó ní ṣe ni òun rántí.

Mo kọ ìrántí náà gùn ní àkọ́kọ́, ó gba ojú ewé kan àbọ̀. Mo gé e kù sí ìlà mẹ́rin. Bí ó bá pọ̀ jù, ó máa ń dà bí ẹni tó ń to ẹ̀rí jọ, Dúnní á tún padà sí iwájú adájọ́ tí mo ti yọ ọ́ kúrò.

Màámi lórí fóònù

Ìran kan wà tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú ìtàn náà, ó sì kúrú. Màámi Dúnní pè é ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n kí ara wọn tán, ìyá náà bá wọ inú ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ ọn lára.

"Ìwọ náà ò sọ nǹkan kan fún mi mọ́. Ṣé o ti rí ẹni tó wù ọ́?"

"Ẹnì kan wà tó wù mí, Màámi."

"Ẹ̀hẹn! Kí ló ń ṣe?"

"Nọ́ọ̀sì ni, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé ó ń tọ́jú rẹ?"

"Kó tó bọ́ bàtà ló ti máa ń béèrè bóyá mo ti jẹun."

"Ó mọ̀ pé òun wù ọ́?"

"Kò tíì mọ̀."

"Ọmọ ta ni?"

"Ẹ jẹ́ kó yé èmi gan-an ná, Màámi."

Dúnní ò pa irọ́ kan ṣoṣo. "Ó" ò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, nítorí náà ìyá náà gbọ́ ọkùnrin, Dúnní sì sọ Yéwándé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn náà, ó sọ òtítọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn, òtítọ́ náà sì balẹ̀ láìfọ́. Mo ro ìran yìí gidi gan-an. Ìbora ni "ó" jẹ́ fún un, mo sì mọ̀ pé ìbora náà tutù. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń yọ̀ lórí fóònù yẹn, ẹlòmíràn tí kò sí níbì kankan ló ń yọ̀ sí. Dúnní gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó pẹ́.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣọ́ra fún ni pé kí n má ṣe fi "ó" tan òǹkàwé bí Dúnní ṣe fi í dáàbò bo ara rẹ̀. Èèyàn lè kọ irú ìtàn yìí kó fi pa mọ́ títí dé ìparí pé obìnrin ni ẹni tí wọ́n ń retí, kó wá ṣí i lójijì kí ẹnu lè ya àwọn èèyàn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ìyẹn sọ ọkàn Dúnní di àlọ́ tí a ń pa fún àwọn ẹlòmíràn. Láti ìlà àkọ́kọ́ ni mo ti kọ ọ́ pé obìnrin làwọn méjèèjì.

Ìkẹsàn-án

Ìparí ló gbà mí pẹ́ jù. Mo kọ èyí tí Dúnní sọ fún Yéwándé, mo kọ èyí tí Yéwándé kó jáde. Mo kọ èyí tí wọ́n ti di ọwọ́ ara wọn mú, mo sì pa á rẹ́ tìrora-tìrora, nítorí pé mo fẹ́ ẹ fún wọn. Dúnní ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara rẹ̀ ni. Bí mo bá fún un ní olólùfẹ́ ní ojú ewé tó kẹ́yìn, á dà bíi pé ìmọ̀ yẹn kò tó nǹkan àyàfi bí ẹnì kan bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo wá fi sílẹ̀ rèé. Alẹ́ ni. Ẹsẹ̀ wọlé nísàlẹ̀, ó gun òkè, ó dúró lórí ìkẹsàn-án, àpò kọjá láti èjìká kan sí èkejì. Dúnní yọ ẹ̀rọ etí. Ó mọ̀ pé òun ń retí, ó sì mọ ẹni tí òun ń retí, nítorí ìdí èyí kò dìde. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó kà á: ìkẹwàá, ìkọkànlá, ìkejìlá, ìkẹtàlá, ìkẹrìnlá. Ẹsẹ̀ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kọ́kọ́rọ́ Yéwándé wà nínú àpò rẹ̀. Láti oṣù mẹ́ta ni kò ti mú un jáde. Kò kan ilẹ̀kùn, kò sì wá kọ́kọ́rọ́. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nínú òkùnkùn, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wọlé láti ìta, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí nǹkan kan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀:

"Dúnní? Ṣé o ò gbọ́ ẹsẹ̀ mi ni?"